Áàpù Orí Mac: Fódà Tó Wọ Aṣọ Fáìlì

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe áàpù kékeré kan fún àwọn aránṣọ. Ìwọ̀n ló pè é. Aránṣọ á kọ ìwọ̀n ara oníbàárà sí i, áàpù náà á sì sọ iye yáàdì aṣọ tó yẹ kó rà. Ìyá aránṣọ kan tí mo mọ̀ fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ni mo bá dà á kọ láti orí kọ̀ǹpútà Mac mi sórí fláàṣì. Dátà mi ti tán lọ́jọ́ náà, mo sì gbé fláàṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò pé kí wọ́n bá mi fi ránṣẹ́ nínú ímeèlì.

Ọmọkùnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà Windows ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Ó wo ojú rẹ̀ títí, ó ní, “Bọ̀dá, kò sí áàpù níbí o. Fódà ni mo rí.”

Mo ní kó tún un wò dáadáa, pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, pé mo fojú mi rí i nílé. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Lóòótọ́, fódà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Iwon.app. Ó ṣí i, fódà mìíràn tó ń jẹ́ Contents wà nínú rẹ̀. Ó ṣí ìyẹn náà, ọ̀pọ̀ nǹkan tú jáde. “Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èwo ni kí n fi ránṣẹ́, sà?” Mo wò yí ká títí mo fi rí ọ̀kan tó ń jẹ́ Iwon lásán, mo ní òun nìyẹn. A fi ránṣẹ́, mo sanwó, mo lọ.

Nígbà tó di alẹ́, ìyá aránṣọ pè mí. Ó ní òun ṣí ohun tí mo fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ jágbajàgba ló kún ojú kọ̀ǹpútà òun. Mo ti ń di ẹ̀bi ru ọmọkùnrin yẹn lọ́kàn mi nígbà tí àbúrò mi gbọ́, tó sì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lọmọ yẹn sọ fún yín. Fódà ni. Mac yín ló ń bò ó mọ́lẹ̀.”

Ohun tí ó ṣàlàyé fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, àti ohun tí mo fọwọ́ ara mi tú wò lẹ́yìn rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó bá ra mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje kì í ka ẹyin, ẹja àti edé inú rẹ̀ kó tó sanwó. Ewé kan ló gbà, ewé kan ló mú lọ. Ẹni tó dì í ló mọ ohun tó wà nínú ewé. Bí áàpù ṣe rí lórí Mac nìyẹn. Gbogbo ohun tí ètò náà nílò ni wọ́n kó sínú fódà kan: ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àwòrán, ohùn, ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn lójú rẹ̀, ìwé tó ń sọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n wá fi .app parí orúkọ fódà náà. Finder, ìyẹn ètò tó ń fi àwọn fáìlì wa hàn wá lórí Mac, bá rí .app yẹn, kò ní fi fódà hàn. Àmì kan ṣoṣo ni yóò gbé síbẹ̀, yóò sì sábà fi .app náà pamọ́. Ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ṣí bí fódà, yóò gbéra bí ètò.

Ẹ lè tú ewé náà wò fúnra yín láìba ohunkóhun jẹ́. Ẹ ṣí Finder, ẹ wọ Applications, ẹ wá TextEdit, ètò ìkọ̀wé tó máa ń bá gbogbo Mac wá. Ẹ di kọ́kọ́rọ́ Control mú, ẹ tẹ àmì TextEdit lẹ́ẹ̀kan. Nínú àkójọ tó máa yọ jáde, ẹ ó rí Show Package Contents. Ẹ tẹ̀ ẹ́, fódà Contents yóò sì yọjú. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù Terminal, níbi tí à ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lè kọ èyí:

```
ls /System/Applications/TextEdit.app/Contents
```

Lára ohun tí yóò kà jáde fún yín ni Info.plist, MacOS, PkgInfo, Resources àti _CodeSignature. Terminal kì í bá Finder bo àṣírí. Bí ẹ bá tiẹ̀ gbìyànjú láti fi àṣẹ cp lásán da áàpù kọ síbòmíràn, yóò kọ̀, yóò sọ pé fódà ni, pé òun ò dà á kọ. Àfi tí ẹ bá fi -R kún un, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún fódà gbogbo.

Ìwádìí kejì wà tó dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ, torí òun ló fi hàn pé kò sí idán kankan ńbẹ̀. Ẹ dá fódà tuntun sílẹ̀ lórí Desktop, kí ẹ má fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí Idanwo.app. Finder yóò dá yín dúró, yóò bi yín bóyá ó dá yín lójú, yóò sì kìlọ̀ pé tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, fódà yín lè máa hàn bíi fáìlì kan ṣoṣo. Ohun tí gbogbo àròkọ mi yìí dá lé nìyẹn, Finder fúnra rẹ̀ ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ gbà fún un. Lójú ẹsẹ̀, àmì fódà yóò pòórá, àmì áàpù yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: Mac yóò sọ pé kò ṣeé ṣí, pé bóyá ó ti bàjẹ́ tàbí kò pé. Kò bàjẹ́ o. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni. Aṣọ áàpù la wọ̀ fún fódà òfìfo. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ yan Get Info, kí ẹ yọ .app kúrò lábẹ́ Name & Extension, fódà yín á tún padà di fódà.

Nítorí náà, orúkọ ló ń sọ fún Finder pé kó bò ó mọ́lẹ̀. Kí ló wá ń mú kí áàpù tòótọ́ gbéra nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́? Ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ Info.plist ni. Inú fódà Contents ló máa ń wà. Èyí ni díẹ̀ nínú ti áàpù Ìwọ̀n:

```
<key>CFBundleExecutable</key>
<string>Iwon</string>
<key>CFBundleIdentifier</key>
<string>com.example.Iwon</string>
<key>CFBundleIconFile</key>
<string>Iwon</string>
```

Ìlà méjì méjì la ó máa kà á: èkíní béèrè, èkejì dáhùn. Ta ni kí n pè láti ṣiṣẹ́? Iwon ni. Kí ni orúkọ tí kò gbọ́dọ̀ pa pọ̀ mọ́ ti áàpù mìíràn? com.example.Iwon. Àwòrán wo ni kí n fi ṣe àmì rẹ̀? Èyí tó ń jẹ́ Iwon, tó wà nínú Resources. Nígbà tí ẹ bá tẹ áàpù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ka kan nínú macOS tó ń jẹ́ Launch Services á lọ ka ìwé yìí. Yóò rí orúkọ Iwon, yóò wọ inú fódà MacOS, yóò sì gbé fáìlì tó ń jẹ́ Iwon dìde. Fáìlì yẹn nìkan ló jẹ́ ètò tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìyókù, ohun èlò tó ń nawọ́ mú ni.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Mo mú òṣìṣẹ́, mo fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá aránṣọ gba fáìlì Iwon nìkan, láìsí Info.plist, láìsí àwòrán, láìsí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó hàn. Nígbà tí ímeèlì sì gbé e lọ, àmì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé fáìlì yìí ṣeé gbé dìde ti bọ́ lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ rò pé ìwé kíkà ni, ó ṣí i bí ìwé, ó sì ka èdè ẹ̀rọ sójú rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà. Jágbajàgba tó rí nìyẹn.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe é ní fáìlì kan tòótọ́, kí gbogbo wàhálà yìí má sì wáyé. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Nígbà tí Mac àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1984, fáìlì orí rẹ̀ lè ní apá méjì tí kò jọ ara wọn. Apá kan ni ohun tí gbogbo kọ̀ǹpútà mọ̀ sí fáìlì. Apá kejì ni wọ́n ń kó àmì, àwòrán, ohùn àti ọ̀rọ̀ inú ètò sí. Ojú kan lẹ ó máa rí, ẹyọ kan sì ni lóòótọ́ lórí Mac. Àmọ́ ẹ gbé e dé orí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe Mac, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ gba orí ẹ̀rọ mìíràn, apá kejì á ṣubú sọ́nà. Kọ̀ǹpútà yòókù kò mọ̀ pé fáìlì lè ní apá méjì, ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí? Àwọn tó ń lo Mac nígbà náà kì í fi ètò ránṣẹ́ láìkọ́kọ́ fi BinHex, MacBinary tàbí StuffIt dì í. Fáìlì tó jẹ́ ẹyọ kan nílé ń já sí méjì lẹ́yìn odi.

Lọ́dún 1985, Steve Jobs kúrò ní Apple, ó dá ilé iṣẹ́ NeXT sílẹ̀. Orí UNIX ni wọ́n kọ́ ètò tiwọn lé, NeXTSTEP, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ pé jáde lọ́dún 1989. Fáìlì orí UNIX kò ní apá kejì. Bí àwọn NeXT ṣe yanjú rẹ̀ rọrùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín: kò sí kọ̀ǹpútà tí kò mọ fódà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi fódà ṣe áàpù, kí ojú kọ̀ǹpútà sì máa fi í hàn bí ẹyọ kan. Bó bá dé orí ẹ̀rọ àjèjì, ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á rí fódà. Kò sí ohun tó máa ṣubú sọ́nà nítorí pé ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ọ́n. Orí kọ̀ǹpútà NeXT ni Tim Berners-Lee ti kọ ètò àkọ́kọ́ tí a fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, ní CERN lọ́dún 1990.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Apple kéde pé òun fẹ́ ra NeXT, Jobs sì bá ẹrù wọn padà wálé. Mac OS X tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2001 ti inú iṣẹ́ NeXT wá, fódà tó ń parí sí .app sì bá a wá. Ẹsẹ̀ NeXT ṣì wà lórí ilẹ̀ títí dòní. Ẹ ṣí Info.plist áàpù Mac kan, ẹ ó sábà rí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NS, bíi NSPrincipalClass. NeXTSTEP ni NS yẹn.

Àǹfààní tí àwa tí à ń lo kọ̀ǹpútà ń rí níbẹ̀ kò fara sin. Láti fi ọ̀pọ̀ áàpù sórí Mac, wọ́wọ́ lẹ ó wọ́ ọ sínú Applications. Ẹ fẹ́ gbé e lọ sórí dísíìkì mìíràn, ẹ wọ́ ọ lọ. Ohun gbogbo tó nílò wà nínú rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ fẹ́ yọ ọ́ kúrò, ẹ wọ́ ọ sínú Trash. Mo ní ọ̀pọ̀, n kò ní gbogbo rẹ̀, torí àwọn kan wà tó ń ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sí ibòmíràn nínú kọ̀ǹpútà, irú wọn máa ń bá ètò ìgbékalẹ̀ tiwọn wá. Bákan náà, ohun tí áàpù ń kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lò ó, bíi ètò tí ẹ yàn àti ìwé tí ẹ ṣí kẹ́yìn, kì í gbé inú fódà rẹ̀. Inú fódà Library tiyín ló ń wà, com.example.Iwon tàbí orúkọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ẹ ju áàpù nù tán, èyí á ṣì kù ńbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí áàpù tí ẹ yọ lọ́dún tó kọjá fi ń rántí yín nígbà tí ẹ bá tún un gbà padà.

Ohun tó wù mí jù nínú ìdì yìí ni bó ṣe ń gba èdè púpọ̀ láyè. Nínú Resources, èdè kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ tó ń parí sí .lproj: en.lproj fún Gẹ̀ẹ́sì, fr.lproj fún Faransé, ja.lproj fún èdè Japaanu. Áàpù náà kò yí padà, ètò kan náà ló ń ṣiṣẹ́. Fódà tó bá èdè oníkọ̀ǹpútà mu ló ń lọ ka ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́tà méjì tí gbogbo ayé fi ń dá èdè Yorùbá mọ̀ ni yo. Àbúrò mi ṣe yo.lproj sínú Ìwọ̀n, ó sì kọ irú èyí sínú fáìlì Localizable.strings:

```
"Save" = "Fi pamọ́";
"New customer" = "Oníbàárà tuntun";
```

Mo ní, “Ṣé èmi náà lè fi yo.lproj sínú áàpù ẹlòmíràn, kí n sọ ọ́ di Yorùbá?” Ó ní kíkọ rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n èdìdì ò ní gbà fún mi.

Fódà _CodeSignature tí a rí lẹ́ẹ̀kan ni èdìdì yẹn wà. Nígbà tí oníṣẹ́ bá parí áàpù rẹ̀, yóò buwọ́ lù ú. Ètò ìbuwọ́lù á ṣírò nọ́ńbà gígùn kan láti inú fáìlì kọ̀ọ̀kan nínú Resources àti níbòmíràn, yóò sì to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tó ń jẹ́ CodeResources. Lẹ́tà kan ṣoṣo yí padà nínú fáìlì kan, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní bá ti inú ìwé mu mọ́. A dán an wò pẹ̀lú ẹ̀dà Ìwọ̀n kan tí àbúrò mi ti buwọ́ lù kó tó ṣe yo.lproj. Mo gba inú Show Package Contents wọlé, mo fi yo.lproj síbẹ̀ fúnra mi. Kò sẹ́ni tó dí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà a kọ àṣẹ yìí:

```
codesign --verify --verbose Iwon.app
```

Ìdáhùn tó wá ni pé a sealed resource is missing or invalid, ó sì tọ́ka sí fáìlì tí mo fi kún un, ó pè é ní file added. Ìyẹn ni pé èdìdì ti já, ẹnìkan ti fi nǹkan tuntun sínú ewé. Àbúrò mi wá fi ohun kan hàn mí tí n kò retí. Ó mú ẹ̀dà mìíràn tí èdìdì rẹ̀ ṣì pé, ó yọ fr.lproj kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, ó tún àṣẹ náà kọ. Èdìdì dákẹ́, kò bá a jà. Òfin tí wọ́n kọ sínú CodeResources ka àwọn fódà èdè sí ohun tó lè wà tàbí kó má wà, àyàfi èyí tó ń jẹ́ Base.lproj. Ẹ lè yọ èdè kúrò. Ẹ kò lè fi èdè kún un. Ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá nínú áàpù, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tó ni ín ló gbọ́dọ̀ gbà lọ, kí onítọ̀hún fi sí i kó tó buwọ́ lù ú. Ẹnu mi kò gbà á, àmọ́ mo rí ìdí rẹ̀. Bí èmi bá lè rọra fi ìwé èdè sínú áàpù ẹlòmíràn láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà mọ̀, olè náà lè fi tirẹ̀ síbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé áàpù nìkan kọ́ ni Finder ń bò bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ìwé sínú TextEdit, kí ẹ fi àwòrán kan sí i, kí ẹ tọ́jú rẹ̀: orúkọ rẹ̀ á parí sí .rtfd. Fódà lòun náà. TXT.rtf wà nínú rẹ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ yín dání, àwòrán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ Mac ń kó fọ́tò yín sí, Photos Library, fódà ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ inú ìyẹn lọ kó nǹkan kiri. Ètò Photos ní ìwé tó fi ń mọ ibi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ẹ ti gbé wọn kúrò. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ méjì fún ọ̀rọ̀ yìí, tí àwọn ènìyàn sì máa ń da pọ̀. Package ni fódà èyíkéyìí tí Finder bá ń fi hàn bí ẹyọ kan. Bundle ni fódà tí wọ́n to inú rẹ̀ ní ọ̀nà tí macOS mọ̀, tí ètò àti ohun èlò rẹ̀ jọ ń gbé. Áàpù jẹ́ méjèèjì.

Ó ku bí a ṣe ń gbé e rìnrìn àjò. Bí fódà Ìwọ̀n bá tiẹ̀ lọ lódindi láti ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ṣeé ṣe kó má gbéra. Fáìlì tó wà nínú MacOS gbọ́dọ̀ ní àmì tó ń sọ pé ó ṣeé gbé dìde, Windows kì í sì tọ́jú irú àmì bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dì í ní síìpù lórí Windows, fáìlì á pé, àmì á sọnù. Ẹ ó mọ̀ nípa pé áàpù wà níwájú yín pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣí. Ẹ wo ó nínú Terminal:

```
ls -l Iwon.app/Contents/MacOS
```

Bí ìlà tó jáde bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú -rwxr-xr-x, x yẹn ni àmì náà. Bó bá jẹ́ -rw-r--r--, ó ti bọ́. Àṣẹ chmod +x lè dá a padà fún fáìlì kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn áàpù ńlá, fódà Frameworks máa ń ní àwọn ìtọ́ka tó kàn ń nawọ́ sí fódà mìíràn, ìyẹn náà sì máa ń bàjẹ́ lọ́nà kan náà. Nígbà tó bá dé orí èyí, ẹ má tún un ṣe, ẹ gba òmíràn.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe nílé ni kí n di áàpù náà lórí Mac fúnra rẹ̀ kí n tó jáde. Ẹ di Control mú, ẹ tẹ áàpù, ẹ yan Compress. Tàbí nínú Terminal:

```
ditto -c -k --keepParent Iwon.app Iwon.zip
```

Iwon.zip tó bá jáde, fáìlì ni ní tòótọ́, lórí Mac àti lórí Windows. Àmì àti ìtọ́ka wà nínú rẹ̀ ní pípé, ẹnì kan kò sì ní rí fódà kankan tó máa mú un ronú. Ẹ kàn má ṣe tú u lórí Windows kí ẹ tó tún un dì. Orí Mac ẹni tó máa lò ó ni kó ti tú.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo gbé fláàṣì padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé òun ló gba òótọ́ lánàá, èmi ni mi ò mọ ohun tí mo gbé dání. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi Iwon.zip sínú ímeèlì, kò sì gba ìṣẹ́jú kan kó tó lọ. Kò tó wákàtí kan tí ìyá aránṣọ fi pè pé ó ti ṣí. Ọmọkùnrin náà ní kò sí wàhálà, àmọ́ owó ìmeèlì tòní yàtọ̀ sí tàná, kí n san án.